Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin nínú ìwé ìnáwó iṣẹ́

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àdìrẹ ni mò ń ṣe ní Òṣogbo níbí. Lóṣù tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà lọ sí Èkó, mo kó ọjà lọ fún oníbàárà. Orí fóònù ni mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo sì dúró ṣe ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi kí n tó padà. Ẹni tó ń bá mi kọ ìwé owó ní òun ò lè kà á mọ́ ìnáwó iṣẹ́ torí kò sí rìsíìtì, kò sì sí ínfọ́ìsì. Ṣé òótọ́ ni? Àwọn ìwé wo gan-an ni kí n máa tọ́jú?”

Ẹ kú iṣẹ́ náà, mà. Ẹni yẹn ò parọ́ tán, kò sì sòótọ́ tán. Tíkẹ́ẹ̀tì tó wà lórí fóònù yín, bó bá pé, rìsíìtì ni. Kò dìgbà tí wọ́n bá já bébà fún yín lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ò lè sọ gbogbo ohun tí agbowó-orí fẹ́ gbọ́. Ó lè sọ pé ẹnì kan jókòó sórí àga báyìí, nínú ọkọ̀ báyìí, lọ́jọ́ báyìí. Kò lè sọ ẹni tó sanwó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ ohun tí ẹni náà lọ ṣe ní Èkó. Ẹ̀rí mẹ́ta la ní láti so pọ̀, pé ìrìn àjò náà wáyé, pé ọwọ́ yín lowó ti jáde, àti pé iṣẹ́ ló gbé yín lọ. Ẹ̀kẹta yìí lọ̀pọ̀ èèyàn kì í ní, òun náà ni wọ́n sì fi ń fa igi lé ìnáwó lórí.

Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ò yí ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí padà. Ìnáwó tí ẹ ṣe láti fi wá èrè yẹn, tó jẹ́ ti iṣẹ́ pátápátá, tí kò sí nǹkan mìíràn nídìí rẹ̀, ni ẹ lè yọ kúrò nínú èrè kí wọ́n tó ṣírò owó orí. Níwọ̀n bí ẹ ò ti dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, tó jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń ṣòwò, ọ̀dọ̀ àwọn agbowó-orí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ìwé yín ń lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ìṣirò ọdún tó kọjá ránṣẹ́ kí oṣù kẹta tó parí.

Ẹ jẹ́ ká mú tíkẹ́ẹ̀tì yẹn fúnra rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ ṣí i, kí ẹ wò ó dáadáa. Ó yẹ kí orúkọ yín wà níbẹ̀, ibi tí ẹ ti wọkọ̀ àti ibi tí ẹ sọ̀ sí, ọjọ́ àti aago, kóòṣì àti nọ́ńbà àga, iye owó, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, àti àmì onígunmẹ́rin dúdú-funfun tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò lẹ́nu ọ̀nà. Nǹkan kan wà tó ń da àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò láti òkèèrè láàmú: ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ní orúkọ tó dá yàtọ̀ fún ìdíkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ti Mọ́níyà ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ti Ẹ̀búté Mẹ́ta ń jẹ́ Mobọ́láji Johnson. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá pe orúkọ èèyàn, tí ìwé yín wá pe orúkọ àdúgbò, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ìrìn àjò méjì ni. Ẹ kọ méjèèjì síbi kan náà.

Àwòrán ojú fóònù tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń yà, òun ló ń kó bá wọn jù. Wọ́n á ya àmì onígunmẹ́rin yẹn nìkan torí òun ni wọ́n fẹ́ fi han òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà, iye owó àti orúkọ á sì wà nísàlẹ̀ níbi tí àwòrán ò dé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó lè fi àmì yẹn mọ ohunkóhun. Faìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ímeèlì yín gan-an ni kí ẹ tọ́jú, kí ẹ fún un lórúkọ tí ẹ lè wá rí. Irú èyí lèmi máa ń lò:

```
2026-03-13_Moniya-EbuteMetta_tikeeti.pdf
2026-03-13_Moniya-EbuteMetta_isanwo.pdf
```

Bí mo ṣe fi ọdún ṣáájú oṣù àti ọjọ́ yẹn, ìdí ni pé fóònù àti kọ̀ǹpútà á to gbogbo wọn tẹ̀ léra wọn fúnra wọn. Bó bá jẹ́ ojú fèrèsé lẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n já bébà kékeré tó ń dán yẹn fún yín, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Ooru ni wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ sí i, kì í ṣe yíǹkì. Ẹ sọ ọ́ sínú pọ́ọ̀sì, ẹ gbé e sínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn, kí ọdún tó yí, ó ti di bébà funfun.

Ó wá kan owó tó jáde. Ẹ má rò pé àlẹ́ẹ̀tì báńkì ti tó. Ẹ wo èyí tó wọlé lọ́jọ́ tí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn gba owó lórí ẹ̀rọ ló wà níbẹ̀, tí kò mẹ́nu ba ọkọ̀ ojú irin rárá. Ẹni tó bá ń wo sítétímẹ́ǹtì yín ò lè mọ̀ bóyá tíkẹ́ẹ̀tì lẹ rà tàbí bàtà. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni iye owó, ọjọ́, àti nọ́ńbà ìsanwó tó wà lórí ìwé tí ẹ̀rọ fún yín lẹ́yìn tí ẹ sanwó tán. Mo máa ń ní kí àwọn oníbàárà mi fi bírò kọ nọ́ńbà yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà rẹ̀ nínú sítétímẹ́ǹtì oṣù náà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni.

Ibẹ̀ náà la ti ń rí àṣìṣe tí ń di ẹ̀sùn. Ẹ̀rọ lè já owó yín, kó má fún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ tún san òmíràn, ó wọlé. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, báńkì dá ti àkọ́kọ́ padà. Bí akọ̀wé owó bá kàn ń ka àlẹ́ẹ̀tì tó jáde, á kọ tíkẹ́ẹ̀tì méjì sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀kan ṣoṣo lẹ rà. Kì í ṣe pé ẹ fẹ́ jalè, ṣùgbọ́n bó ṣe máa rí lójú ẹni tó ń yẹ̀wé wò nìyẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì lẹ gbọ́dọ̀ kà, kì í ṣe àlẹ́ẹ̀tì. Owó kékeré tí ẹ̀rọ yọ fún iṣẹ́ rẹ̀, ti iṣẹ́ ni, ẹ kọ ọ́ mọ́ ọn. Owó orí ọjà tí kò sí lórí tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ ara yín ṣírò rẹ̀ kún un. Iye tí ẹ san lẹ máa kọ.

Bó bá jẹ́ àbúrò yín ló fi káàdì rẹ̀ ra á, ẹ fi owó náà ránṣẹ́ sí i láti àkáǹtì tí ẹ fi ń ṣòwò, kí ẹ kọ “owó tíkẹ́ẹ̀tì Mọ́níyà sí Èkó” sí ibi àlàyé. Orúkọ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tó rìn. Kò pọn dandan kó jẹ́ orúkọ ilé ìtajà yín.

Ní ti ínfọ́ìsì, ẹni tó ń bá yín kọ̀wé ń béèrè ohun tí kò sí. Èrò tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan kì í gba ínfọ́ìsì lọ́wọ́ rélùwéè. Ẹni tó fẹ́ gbowó tí ẹ kò tíì san ló máa ń kọ ínfọ́ìsì sí yín, ẹ̀yin sì ti sanwó kí ẹ tó wọkọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì àti ìwé ìsanwó ló dúró fún un. Ibi méjì ni ínfọ́ìsì ti wúlò nínú irú ìrìn àjò yìí. Àkọ́kọ́ ni bí ẹ bá gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá èèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì kọjá, tó sì gba owó iṣẹ́ tirẹ̀. Kó kọ ọ́ fún yín, kí iye tíkẹ́ẹ̀tì dá wà, kí owó iṣẹ́ tirẹ̀ dá wà, pẹ̀lú orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà owó orí rẹ̀. Bó bá pa owó pọ̀ lójú kan, tí tíkẹ́ẹ̀tì sì ń sọ iye tó kéré, ìyàtọ̀ yẹn ni wọ́n máa bi yín léèrè.

Ìkejì ni ínfọ́ìsì tí ẹ̀yin fúnra yín kọ sí oníbàárà Èkó. Bí oníbàárà bá gbà láti san owó ọkọ̀ yín, tí ẹ kọ ọ́ sínú ínfọ́ìsì pẹ̀lú owó àdìrẹ, owó tó wọlé fún owó ọkọ̀ yẹn, owó iṣẹ́ ni. Ẹ kà á mọ́ owó tó wọlé, kí ẹ wá yọ owó tíkẹ́ẹ̀tì gẹ́gẹ́ bí ìnáwó. Àwọn kan máa ń yọ ìnáwó, wọ́n á sì fi owó tí oníbàárà fi dí i pamọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n jẹ ẹ́ nìyẹn, kò sì ṣòro fún agbowó-orí láti rí i, torí ínfọ́ìsì kan náà ló sọ ọ́.

Mo wá dé ibi ìgbéyàwó. Inú mi dùn pé ẹ ò fi í pamọ́, torí òun gan-an ló le jù nínú ìbéèrè yín. Ohun tí wọ́n máa bi yín ni pé kí ló gbé yín kúrò nílé. Bó bá jẹ́ pé oníbàárà ló dá ọjọ́, tó ń retí ọjà, tí ìgbéyàwó kàn bọ́ sí ọjọ́ kejì, owó ọkọ̀ lílọ àti bíbọ̀ ṣì jẹ́ ti iṣẹ́, torí ẹ̀ bá san án náà láìsí ìgbéyàwó. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìgbéyàwó lẹ torí rẹ̀ lọ, tí ẹ kàn yà kí oníbàárà lọ́nà, kọ́bọ̀ ò gbọdọ̀ wọlé. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀ nínú ìwé kí ẹ tó gbéra. Iṣẹ́ tí oníbàárà fi Wásáàpù rán sí yín, “Ẹ bá mi gbé e wá lọ́jọ́ Ẹtì,” pẹ̀lú déètì orí rẹ̀, ó níye lórí ju àlàyé tí ẹ máa ṣe lẹ́yìn ọdún kan lọ. Ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó gba ọjà fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà á.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Èmi ni mo kàn gbé iye kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ fún àpẹẹrẹ o. Ká ní ẹ kúrò ní Òṣogbo ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, bọ́ọ̀sì dé Ìbàdàn ₦4,000, láti ibẹ̀ dé Mọ́níyà ₦1,500, tíkẹ́ẹ̀tì àti owó iṣẹ́ ẹ̀rọ ₦6,650, láti Ẹ̀búté Mẹ́ta dé ọ̀dọ̀ oníbàárà ₦2,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦14,150. Ẹ padà bákan náà lọ́jọ́ Àìkú, ó di ₦28,300. Ẹ sun òtẹ́ẹ̀lì lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì torí ilẹ̀ ti ṣú kí ẹ tó parí iṣẹ́, ₦15,000. Ẹ tún sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ₦15,000 mìíràn. Ti ọjọ́ Ẹtì wọlé. Ti ọjọ́ Àbámẹ́ta jáde, òun àti aṣọ ẹbí, àti owó tí ẹ fi lé olórin lórí. Ohun tó kù jẹ́ ₦43,300.

Ẹ wá wo ₦28,300 ọkọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Owó ọkọ̀ ojú irin jẹ́ ₦13,300 péré nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀sì àti táksí gba ₦15,000, ìyẹn ju ìdajì lọ, kò sì sí rìsíìtì fún èyíkéyìí nínú wọn. Gbogbo ariwo wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ló rọrùn jù láti fi hàn! Awakọ̀ gáréèjì ò ní já rìsíìtì fún yín, kò sì sẹ́ni tó ń retí pé kó já a. Fáúṣà lẹ máa kọ, ní ọjọ́ náà gan-an: ọjọ́, ibi tí ẹ ti gbéra, ibi tí ẹ dé, irú ọkọ̀, iye, ìdí, kí ẹ fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá lè san án nípa fífi owó ránṣẹ́ láti fóònù, ó tún dára sí i. Ní Èkó, ọkọ̀ tí wọ́n ń fi fóònù pè máa ń fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí ímeèlì. Ẹ wá rí i pé tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin á máa gbe fáúṣà wọ̀nyí lẹ́yìn. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá fi hàn pé ẹ wà ní Mọ́níyà láago báyìí, kò ṣòro láti gbà pé nǹkan kan gbé yín dé ibẹ̀ láti Òṣogbo. Àmọ́ bí fáúṣà bá ń sọ ₦5,000 géérégé nígbà gbogbo, oṣù dé oṣù, pẹ̀lú bírò kan náà àti ọwọ́ ìkọ̀wé tí kò yí padà, ẹni tó ti yẹ̀wé wò rí á mọ̀ pé alẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n jókòó kọ gbogbo rẹ̀.

Kí ni ₦43,300 yẹn máa ṣe fún yín? Ọ̀pọ̀ rò pé ìjọba máa dá a padà. Rárá o. Èrè tí wọ́n fẹ́ ṣírò owó orí lé ló máa dín kù pẹ̀lú iye yẹn. Lábẹ́ òfin tuntun, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí owó orí lè kàn lọ́dún kì í san nǹkan kan. Mílíọ̀nù méjì ó lé ọ̀kẹ́ mẹ́wàá náírà (₦2,200,000) tó tẹ̀ lé e ń san náírà 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí èrè yín bá dé ìpele yẹn, ₦6,495 ni ìrìn àjò yìí dín kù nínú owó orí yín. Bí ẹ ò bá tíì kọjá ₦800,000, kò dín nǹkan kan kù, ṣùgbọ́n ẹ ṣì ní láti kọ ọ́, torí òun ló máa fi hàn pé ẹ ò kọjá rẹ̀ lóòótọ́.

Àwọn ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ọ̀ṣun máa ń yá fún àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó lásìkò ọdún, mo mọ̀ pé ẹnì kan á béèrè. Ẹ ò sanwó, ẹ ò ní ìnáwó. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ kọ “iye tí ì bá san” sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ ọmọ iṣẹ́ lẹ rán, kó mú tíkẹ́ẹ̀tì àti fáúṣà rẹ̀ dé, kí ẹ dá iye tó ná padà fún un, kó má sì jẹ èrè kankan lórí rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe owó oṣù, kò sì ní owó orí fún un. Bí ẹ bá kàn ń fún un ní iye kan lóṣooṣù láìbéèrè ìwé, wọ́n lè kà á mọ́ owó oṣù rẹ̀.

Ìwé kan ló kù tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́. Ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ni, bí irú èyí: “Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù kẹta 2026. Òṣogbo sí Èkó, mo gba Mọ́níyà (Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀) sí Ẹ̀búté Mẹ́ta (Mobọ́láji Johnson). Mo gbé àdìrẹ ínfọ́ìsì nọ́ńbà 014 fún oníbàárà, ó fọwọ́ sí i pé òun gbà á. Mo dúró ṣe ìgbéyàwó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, owó òtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ yẹn ti ara mi ni.” Ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì lílọ àti bíbọ̀, ìwé ìsanwó, fáúṣà, rìsíìtì òtẹ́ẹ̀lì àti ẹ̀dà ínfọ́ìsì sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi pín-ìn-nì mú un. Ìlà tó sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yẹn, ẹ má yọ ọ́. Ẹni tó bá rí i pé ẹ ti fọwọ́ ara yín yọ ti ìgbéyàwó kúrò ò ní fura sí èyí tí ẹ fi sílẹ̀.

Ọdún mẹ́fà, ó kéré tán, ni òfin ní kí ẹ fi tọ́jú rẹ̀. Ọdún tí ẹ fi ìṣirò náà ránṣẹ́ lèmi fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ọdún tí ẹ rìn, kó má baà sí àríyànjiyàn. Ìwé ìrìn àjò 2026 tí ẹ fi ránṣẹ́ ní 2027, ẹ má sọ ọ́ nù kí 2033 tó parí. Fóònù ò lè gbé e dé ibẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà kan sí ímeèlì, ẹ tẹ òmíràn jáde.

Ti oṣù tó kọjá ò tíì bọ́. Ẹ wá tíkẹ́ẹ̀tì nínú ímeèlì yín, kí ẹ fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tàbí ọjọ́ tí ẹ rà á wá a. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ gba sítétímẹ́ǹtì oṣù yẹn ní báńkì, kí ẹ mú un lọ bá ilé iṣẹ́ tó ta tíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tún fi í ránṣẹ́. Ẹ bẹ oníbàárà kó fọwọ́ sí ìwé kan pé òun gba ọjà lọ́jọ́ yẹn. Kí ẹ wá kọ ìwé ìrìn àjò náà lónìí, déètì òní ni kí ẹ sì fi sí i. Ẹ má kọ déètì oṣù tó kọjá sórí ohun tí ẹ kọ lónìí.